"No Woman, No Cry": Kí ni Bob Marley ń sọ gan-an nínú orin yìí?

Tí wọ́n bá ti gbé orin "No Woman, No Cry" sí i níbi àríyá, kì í pẹ́ tí ọkùnrin kan yóò fi rẹ́rìn-ín, tí yóò sì ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni Bob Marley sọ: ẹni tí kò bá ní obìnrin nílé, kò ní sunkún. Àwàdà náà ti pẹ́ nílẹ̀. Àmọ́ ohun tí orin náà sọ kọ́ nìyẹn.

Pátuwà ni èdè tí àwọn ará Jàmáíkà ń sọ nínú ilé àti ní ìgboro. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti mú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì. Tí a bá kọ àkọlé orin yìí bí àwọn onímọ̀ èdè ní Jàmáíkà ṣe ń kọ Pátuwà, yóò di "Nuo, uman, no krai". "Nuo" àkọ́kọ́ ni "rárá". "No" kejì ni "má". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni: "Rárá o, obìnrin, má sunkún mọ́."

Ẹni tó ń tu obìnrin nínú ni ẹni tí àwọn kan rò pé ó ń bú obìnrin.

Ìtàn inú orin náà fi èyí hàn. Ó jáde nínú àwo orin "Natty Dread" lọ́dún 1974, àmọ́ èyí tí Marley kọ lójú agbo ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1975 ló gbajúmọ̀ jù. Orúkọ Vincent Ford, ọ̀rẹ́ Marley ní Trench Town, ni wọ́n kọ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni orin náà. Trench Town jẹ́ àdúgbò àwọn tálákà ní Kingston, níbi tí ìjọba kọ́ àwọn ilé tí ọ̀pọ̀ ìdílé jọ ń lo àgbàlá kan. Ọkùnrin inú orin náà ń rán obìnrin kan létí ọjọ́ tí wọ́n jọ jìyà níbẹ̀, oúnjẹ tí wọ́n jọ jẹ àti àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n ti pàdánù. Kò sí ibì kankan tó ti di ẹ̀bi ru obìnrin.

Ẹni tó bá gbọ́ Pijin ti ní kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́. Tí ìyá kan ní Wàrì bá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé "no krai", kò sẹ́ni tí yóò rò pé ó ń sọ pé kò sí ẹkún. Ohun tó yẹ kí a wò ni ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé "no". Tó bá jẹ́ orúkọ nǹkan, bíi "no moni", ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí owó. Tó bá jẹ́ ohun tí ènìyàn ń ṣe, bíi kí ó sunkún tàbí kí ó sá, "má" tàbí "kò" ni.

Ọ̀rọ̀ kejì tó sún mọ́ ilé ni "unu". Àwọn onímọ̀ èdè tọ́ka sí èdè Ìgbò gẹ́gẹ́ bí orísun rẹ̀, níbi tí "unu" ti túmọ̀ sí "ẹ̀yin". Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni "una" inú Pijin. Àmọ́ kí Yorùbá ṣọ́ra níbí: "ẹ" wa wà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn àti fún àgbà. "Unu" kò ní ọ̀wọ̀ nínú. Tí olórin bá pe ènìyàn ní "unu", ńṣe ló ń bá ju ẹnìkan lọ sọ̀rọ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan sì wà tí Pijin kò lè túmọ̀, nítorí inú ẹ̀sìn Rásítà ni wọ́n ti wá. "Mi" ni Pátuwà fi ń sọ "èmi", bí a ṣe ń sọ "mi ò lọ". Ṣùgbọ́n àwọn Rásítà sọ pé "mi" mú ènìyàn dà bí ohun tí ẹlòmíràn ń lò, bí ẹrú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ "ai an ai". Ó lè jẹ́ "èmi", ó lè jẹ́ "àwa", nítorí ìgbàgbọ́ wọn ni pé Jáà, Ọlọ́run wọn, ń gbé inú ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Bákan náà ni "Bábílónì". Ẹni tó mọ Bíbélì yóò rántí ìlú tí wọ́n kó àwọn ọmọ Ísírẹ́lì lẹ́rú lọ. Nínú orin régè, ìjọba tàbí ètò tó ń ni aráàlú lára ni. Nígbà míì sì rèé, ọlọ́pàá tó dúró ní kọ̀rọ̀ òpópónà lásán ni olórin náà ń tọ́ka sí.