Gíráàfù fún Etí: Ohun Tó Yẹ Ká Kọ fún Òǹkàwé Tí Kò Ríran

Gíráàfù kan wà tí àwọn oníròyìn máa ń yà léraléra lórí ọ̀rọ̀ ìṣèlú Nàìjíríà: nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó forúkọ sílẹ̀, mélòó ló jáde dìbò ààrẹ láti ọdún 2003 títí di 2023? Ìlà kan ṣoṣo ni, àmì mẹ́fà ló sì wà lórí rẹ̀, ọ̀kan fún ìdìbò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ríran kàn máa fojú kàn án ni, yóò sì ti mọ̀ pé ìlà náà ń sọ̀ kalẹ̀ láti òsì lọ sí ọ̀tún, kò gbérí lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí kò ríran ń gbọ́ ojú ìwé kan náà látẹnu ètò tó ń ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ sókè, irú NVDA àti JAWS lórí kọ̀ǹpútà, tàbí TalkBack àti VoiceOver lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ ni ètò akàwé yìí ń kà. Bó bá dé ibi àwòrán, ohun tí ẹni tó gbé e síbẹ̀ bá kọ sínú `alt` ló máa sọ jáde. Bí kò bá sí `alt` níbẹ̀ rárá, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ fáìlì àwòrán náà. Bó bá sì jẹ́ "Gíráàfù nípa ìdìbò" nìkan ni wọ́n kọ, òǹkàwé ti mọ̀ pé ohun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi han àwọn yòókù tí wọn kò sọ fún òun.

Òfin pé kí a máa kọ ọ̀rọ̀ dípò àwòrán kì í ṣe tuntun. Láti ọdún 1999 ni àjọ W3C, tó ń ṣe ìlànà fún íńtánẹ́ẹ̀tì, ti fi í ṣe ohun àkọ́kọ́ nínú ìlànà WCAG. Nígbà tí wọ́n tún ìlànà náà ṣe ní 2008, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ lè ṣe iṣẹ́ tí àwòrán náà ń ṣe. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn ti ń ṣìnà. Wọ́n ń sọ bí gíráàfù ṣe rí: ìlà aláwọ̀ búlúù, àmì róbótó mẹ́fà, ojú ewé funfun. Àmọ́ a kì í ya gíráàfù nítorí àwọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí òǹkàwé lè fi iye kan wé òmíràn, kó rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, kó sì fúnra rẹ̀ pinnu ohun tó rò nípa rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé `alt` tó dára gbọ́dọ̀ fún afọ́jú ní àǹfààní ìpinnu yẹn. Kò gbọdọ̀ pinnu fún un, kò sì gbọdọ̀ fi iye pa mọ́ fún un.

Ẹ̀rí wà fún èyí. Ní ọdún 2021, Alan Lundgard àti Arvind Satyanarayan ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n to ohun tí gbólóhùn lè sọ nípa gíráàfù sí ìpele mẹ́rin. Ìpele kìn-ín-ní ni bí wọ́n ṣe yà á: pé onílà ni, pé ọdún wà nísàlẹ̀, pé iye wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìkejì ni iye tí a lè tọ́ka sí: èyí tó ga jù, èyí tó kéré jù, ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjì. Ìkẹta ni bí gbogbo rẹ̀ ṣe ń lọ: ṣé ó ń gòkè ni àbí ó ń sọ̀, ibo ló sì ti yí padà? Ìkẹrin ni àlàyé tí òǹkọ̀wé mú wá láti ìta: ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílùú nígbà náà. Wọ́n wá bi afọ́jú 30 àti aríran 90 léèrè irú gbólóhùn tó wúlò fún wọn jù. Àwọn aríran ka ìpele kẹta àti ìkẹrin sí jù lọ. Àwọn afọ́jú ka ìkejì àti ìkẹta sí, ìpele kẹrin sì wà lára èyí tí wọ́n kà sí kéré jù. Kò ṣòro láti rí ìdí rẹ̀. Bí òǹkọ̀wé bá sọ fún aríran pé ọ̀rọ̀ ìṣèlú ti sú ará ìlú, aríran lè gbójú sókè wo ìlà náà bóyá ó ti ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́yìn. Afọ́jú tó gbọ́ àlàyé yẹn nìkan kò ní ohun tó máa fi yẹ̀ ẹ́ wò, àfi kó gbà á bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá kọ ti ìdìbò náà bó ṣe yẹ. Irú gíráàfù àti ohun tó ń wọ̀n ló ń ṣáájú, nítorí òun ni òǹkàwé fi ń mọ bóyá òun fẹ́ gbọ́ ìyókù. Ẹni tí kò bá fẹ́ lè tẹ bọ́tìnì kan kó sì kọjá. Ibi tí ìlà náà ń lọ ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni iye, lẹ́yìn iye ni ohun tó yàtọ̀ nínú wọn. Kò yẹ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "àwòrán", torí ètò akàwé fúnra rẹ̀ ti máa ń kéde pé àwòrán ló dé. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, báyìí ló máa rí:

```html
<figure>
  <img src="idibo.png" alt="Gíráàfù onílà: nínú
  100 ènìyàn tó forúkọ sílẹ̀, iye tó dìbò ààrẹ ní
  Nàìjíríà, 2003 sí 2023. Ó ń dín kù ní gbogbo ìdìbò:
  69 ní 2003, 57 ní 2007, 54 ní 2011, 44 ní 2015,
  35 ní 2019, 27 ní 2023. Láti 2007 sí 2011 ló ti
  dín kù díẹ̀ jù.">
  <figcaption>Iye ìwé ìdìbò fúnra rẹ̀ dín kù, láti
  nǹkan bíi mílíọ̀nù 42 ní 2003 sí mílíọ̀nù 25 ní 2023,
  bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ tó wà nínú ìwé pọ̀ sí i.
  </figcaption>
</figure>
```

Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ tó wà nínú `alt` àti èyí tó wà nísàlẹ̀ àwòrán kò sọ ohun kan náà. Gbogbo òǹkàwé ló ń rí ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán, afọ́jú náà sì ń gbọ́ ọ. Bí a bá da ọ̀kan kọ sínú ìkejì, ṣe ni yóò gbọ́ gbólóhùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn. Ohun tó wà lójú gíráàfù ni `alt` ń sọ. Ohun tí gíráàfù kò fi hàn, tí ojú aríran pàápàá kò lè rí níbẹ̀, ló yẹ nísàlẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìdá tó ń sọ̀ lè jẹ́ kí ènìyàn rò pé orúkọ tó pọ̀ sí i nínú ìwé ló kàn fà á. Òótọ́ ni pé wọ́n pọ̀ sí i, láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 61 ní 2003 sí mílíọ̀nù 93 ní 2023. Ṣùgbọ́n iye ìwé ìdìbò náà lọ sílẹ̀, gíráàfù onílà kan kò sì lè sọ ìyẹn. Bákan náà ni ti ọdún 2007: àwọn alákìíyèsí ilẹ̀ òkèèrè bẹnu àtẹ́ lu ìdìbò ọdún náà, nítorí náà iye 57 yẹn gba ìkìlọ̀. Ìsàlẹ̀ àwòrán tàbí inú ìròyìn ni ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹ, níbi tí aríran àti afọ́jú á ti jọ gbà á.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí a kò kàn fi tábìlì síbẹ̀, kí afọ́jú ka iye fúnra rẹ̀. Tábìlì dára, mo sì gbà pé kó wà bí iye bá ti pọ̀. Inú rẹ̀ ni òǹkàwé ti lè rìn láti àpótí kan sí òmíràn; nínú NVDA, ó máa di Ctrl àti Alt mú, á sì tẹ bọ́tìnì ọlọ́fà. Bí wọ́n bá fi `<th>` sí orí òpó kọ̀ọ̀kan, ètò náà á máa pe orúkọ òpó bó ṣe ń bọ́ sínú rẹ̀, òǹkàwé kò sì ní sọnù. `alt` kò ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ nínú: ọ̀rọ̀ gbọọrọ kan ṣoṣo ni, kò ní ìpínrọ̀, kò ní òpó. Ṣùgbọ́n tábìlì nìkan kò tó. Etí ń gba iye ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó sì ń gbọ́ gbọ́dọ̀ máa fi ọkàn di ti ìṣáájú mú kó tó lè mọ̀ bóyá èyí tó dé ga tàbí kò ga. Aríran kò ṣe wàhálà yẹn. Ìlà ti bá a ṣe é. Bí a bá kó iye ogójì lé afọ́jú lọ́wọ́ láìsọ ibi tí wọ́n ń lọ, iṣẹ́ tí gíráàfù yẹ kó ṣe la dá padà sí i lọ́rùn.

Àtakò kejì le ju ìyẹn lọ. Wọ́n ní bí a bá ti sọ pé iye "ń dín kù", a ti ń túmọ̀ nìyẹn, ìtumọ̀ sì ni a ní kí a má ṣe. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ tó ṣeé dán wò. Gbólóhùn tí ẹni méjì tí èrò wọn kò bára mu máa fọwọ́ sí bí wọ́n bá wo gíráàfù kan náà, inú `alt` ló yẹ. Alátìlẹyìn ìjọba àti alátakò rẹ̀ kò ní jiyàn pé 27 kéré sí 69, tàbí pé kò sí ọdún tí ìlà náà gòkè. Wọ́n máa jiyàn lórí bóyá ìbẹ̀rù ló fà á, tàbí àìnígbẹ̀kẹ́lé nínú àjọ INEC. Wọ́n tún lè jiyàn lórí ọ̀rọ̀ tó gbóná bíi "ó wó lulẹ̀", nítorí ìdájọ́ ti wà nínú rẹ̀. "Ó dín kù láti 69 sí 27" gbé iye kalẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ pè é ní ìwólulẹ̀ lè pè é bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ibi tí ọ̀nà yìí dé kò ju ibi tí gbólóhùn mẹ́ta sí mẹ́rin lè gbé e dé. Gíráàfù tó ní ìlà ìpínlẹ̀ 36 kò lè wọ inú `alt`. Níbẹ̀, kí `alt` sọ irú gíráàfù, bí gbogbo wọn ṣe ń lọ, ìpínlẹ̀ tó ga jù àti èyí tó kéré jù pẹ̀lú iye wọn, kó sì sọ pé tábìlì wà nísàlẹ̀. Bí irú àkópọ̀ yẹn bá ṣòro láti kọ, gíráàfù náà fúnra rẹ̀ ló yẹ ká tún wò, torí ó ṣeé ṣe kí aríran náà má rí nǹkan gidi mú nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ bóyá `alt` ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kò gba owó: kí a kà á fún ẹni tí kò rí gíráàfù náà rí, kí a ní kó fi bírò ya ohun tó gbọ́ sórí ìwé, kí a sì bi í léèrè ọdún tí iye kéré jù. Bí ìlà tó yà bá ń sọ̀ kalẹ̀ bíi tiwa, tó sì dáhùn pé 2023, ọ̀rọ̀ náà ti ṣetán láti jáde. Bí kò bá rí i yà, kí a padà lọ wo iye tàbí ìtọ́sọ́nà tí a kò fi sínú rẹ̀, kí a tún un kọ kí ìròyìn tó jáde.