Ìwé Kò Dé, Owó Ló Dé

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì n'Íbàdàn. Ó san ₦18,500 fún ìwé ẹ̀kọ́ kan lórí ẹ̀rọ ayélujára, owó ìfiránṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹsàn-án ló rí "Returned to sender" lórí fóònù rẹ̀. Wọ́n ti dá ìwé padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á.

Ó pe òǹtajà. Wọ́n ní òun ló kọ̀ tí kò gbà á. Ọmọ náà kò bá wọn jà, ó kàn ní kí wọ́n ya àwòrán àkọlé ara páálí náà ránṣẹ́. Ibẹ̀ làṣírí ti tú: nọ́ńbà fóònù tó wà níbẹ̀ kò ju òǹkà mẹ́wàá lọ. Ọlọ́kadà pè é títí, kò wọlé. Òǹkà mọ́kànlá pé pérépéré lára rìsíìtì rẹ̀. Àwọn ni wọ́n ṣì í kọ.

Ó kó àwòrán méjèèjì àti ẹ̀rí owó báńkì pọ̀ mọ́ lẹ́tà, ó fún wọn lọ́jọ́ méje. Ó ní bí wọn ò bá dáhùn, òun á gbé e lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tí òfin 2018 ní kó máa gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà. (Ó jọ pé orúkọ yẹn ló já wọn láyà.) Wọ́n ní kó fi owó náà ra ọjà mìíràn lọ́dọ̀ àwọn. Ó ní owó lòun san, owó lòun fẹ́.

Lọ́jọ́ karùn-ún, àláàtì dún: ₦18,500. Ìdánwò ti ku ọ̀la. Ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló yá kà.