Ṣájà Tuntun Tó Gbóná Jù: Lẹ́tà sí Ẹni Tó Tà Á

Kò sí ṣájà fóònù tí kì í lọ́ wọ́ọ́rọ́. Iná tó ń bọ̀ láti ara ògiri tó nǹkan bí 230 fóltì, bẹ́ẹ̀ fóltì márùn-ún péré ni ọ̀pọ̀ fóònù ń gbà. Iṣẹ́ ṣájà ni láti fa iná ńlá yẹn wálẹ̀ di kékeré. Bó ṣe ń ṣe é, díẹ̀ lára iná náà ń ṣòfò, ooru sì ni èyí tó ṣòfò ń dà. Ṣájà gidi tó ń gbé wáàtì 10 jáde lè fi nǹkan bíi wáàtì méjì ṣòfò, ooru rẹ̀ kò sì ní ju ohun tí àtẹ́lẹwọ́ lè gbà lọ. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ kò bá lè dúró lára rẹ̀, tí ike rẹ̀ ń rùn bí ohun tó ń jóná, tàbí tí ibì kan lára rẹ̀ tó funfun tẹ́lẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní wọ́ọ́rọ́. Àbùkù wà nínú ṣájà náà, ẹni tó rà á sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbé irú ṣájà bẹ́ẹ̀ padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù tìbínú-tìbínú, tí wọ́n sì ń bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Èsì ti wà lẹ́nu ọlọ́jà kí wọ́n tó dé: iná ìjọba ló bà á jẹ́, wọ́n ti fi sára jẹnẹrétọ̀, fóònù wọn ló ń fa iná jù, ó dáa nígbà tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́tà tó kàn sọ pé “ṣájà yín kò dára” kò dáhùn ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Lẹ́tà tó máa ń yọrí sí rere ni èyí tó ti dáhùn wọn kí ọlọ́jà tó la ẹnu. Nítorí náà, ìwádìí díẹ̀ ní láti ṣáájú bíírò.

Ohun àkọ́kọ́ láti mọ̀ ni ibi tí ooru náà ti ń wá gan-an. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ irin tó ń wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ló gbóná jù, sọ́kẹ́ẹ̀tì ló ṣeé ṣe kó lẹ́jọ́: irin inú rẹ̀ ti dẹ̀, kò di ẹsẹ̀ ṣájà mú dáadáa mọ́, iná sì ń ta pàrà níbi tó ti ṣí sílẹ̀. Àwọn ẹ̀kísítẹ́nṣọ̀n olówó pọ́ọ́kú ló sábà máa ń ní àrùn yìí. Bó bá jẹ́ ẹnu wáyà tó wọ inú fóònù ló ń jó ènìyàn lọ́wọ́, ẹ̀bi náà wà lára wáyà, tàbí ìdọ̀tí àti omi ti wọ ihò fóònù. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ara ike ṣájà fúnra rẹ̀ ló gbóná, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ẹnu wáyà tutù ju ara rẹ̀ lọ, a jẹ́ pé inú rẹ̀ ni ìṣòro náà wà. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní lọ bá ọlọ́jà jà lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ara rẹ̀.

Ohun kejì ni àfiwé. Ṣájà tó ti gbóná bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní kíkì bọ iná mọ́, kódà láti fi ya fídíò ẹ̀rí, nítorí ó lè dáná sílé. Ṣájà mìíràn tó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa tẹ́lẹ̀ ni kí a kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, kí a sì so ó mọ́ fóònù kan náà fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti fóònù ti bọ́ nínú ẹjọ́, ṣájà tuntun nìkan ló kù. Kò sí ẹ̀rí tó lágbára tó èyí, ọ̀fẹ́ sì ni. Ohun tí kò yẹ ni kí oníbàárà fi ọ̀bẹ tú ṣájà náà wò. Bó bá ti tú u, ọlọ́jà á ní òun ló bà á jẹ́, kò sì sí bí yóò ṣe já a nírọ́.

Ní ti àwáwí pé fóònù ń fa iná jù, ara ṣájà gan-an ló máa ń dá a lóhùn. Fóònù kì í gba ju ohun tí ṣájà bá sọ pé òun lè gbé lọ. Bí wọ́n bá kọ `OUTPUT: 5V 2A` sára rẹ̀, ó ń sọ pé òun lè gbé fóltì márùn-ún àti ámpìà méjì, ìyẹn wáàtì 10. Ṣájà tí kò dára sábà máa ń purọ́ níbí. Agbára ámpìà kan péré ló wà nínú rẹ̀, ó sì kọ méjì sára. Fóònù gbà á gbọ́, ó béèrè méjì, ṣájà sì ń fi ipá gbé ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ, ni ooru bá dé. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ohun tí wọ́n kọ sára ṣájà wà nínú lẹ́tà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ìlérí tí wọ́n fi ta ọjà náà ni. Ìlà `INPUT: 100-240V~ 50/60Hz` náà ṣe pàtàkì, nítorí ó fi hàn pé iná ilé kò kọjá ohun tí wọ́n ṣe ṣájà náà fún.

Lẹ́tà náà jẹ́ lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́: àdírẹ́sì méjì, déètì, àkọlé, ọ̀rọ̀, ìbuwọ́lùwé. Kò gbọdọ̀ ju ojú ìwé kan lọ. Ká ní aránṣọ kan ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn, ra ṣájà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Dùgbẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà ní ọjọ́ Ajé, tí ṣájà náà sì gbóná ní alẹ́ Ọjọ́rú. Lẹ́yìn àdírẹ́sì àti déètì, lẹ́tà rẹ̀ lè lọ báyìí:

“Sí ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù,

Ìbéèrè fún pípààrọ̀ ṣájà tó gbóná jù

Ẹ kú ọrọ̀ ajé o. Ajé á wọ igbá.

Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo ra ṣájà fóònù kan lọ́wọ́ yín ní ₦8,000. Ẹ̀dà rìsíìtì rẹ̀ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. OUTPUT: 5V 2A ni wọ́n kọ sára rẹ̀.

Ní alẹ́ Ọjọ́rú, iná ìjọba ni mo fi í sí láti ogiri ní tààrà, kì í ṣe jẹnẹrétọ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀kísítẹ́nṣọ̀n. Wáyà tó bá a wá nínú páálí ni mo lò. Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ara ṣájà náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè fọwọ́ kàn án, ó sì ń rùn. Mo yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, mi ò sì tíì lò ó mọ́ láti ìgbà náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ẹnu wáyà kò gbóná bẹ́ẹ̀. Mo fi ṣájà mi àtijọ́ sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà pẹ̀lú fóònù kan náà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò gbóná. Mi ò tú ṣájà náà.

Mo ń fẹ́ kí ẹ bá mi pààrọ̀ rẹ̀ sí òmíràn tó ní agbára kan náà, kí a sì jọ dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù. Bí kò bá sí irú rẹ̀ mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá owó mi padà. Màá mọ rírì rẹ̀ bí ẹ bá lè ṣe é láàárín ọjọ́ méje sí òní. Mo gbé ṣájà náà dání, pẹ̀lú páálí rẹ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́.”

Orúkọ, ìbuwọ́lùwé àti nọ́ńbà fóònù ló kù.

Ọ̀rọ̀ “ayédèrú” kò sí nínú lẹ́tà yìí, ó sì nídìí. Ọlọ́jà kì í ṣe ẹni tó ṣe ṣájà. Òun náà rà á ní páálí-páálí lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó sì ṣeé ṣe kó má mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá pè é ní oníjìbìtì, iyì rẹ̀ ni yóò máa jà fún, ọ̀rọ̀ ṣájà yóò sì bọ́ sẹ́yìn. Lẹ́tà tó bá ní déètì àti nọ́ńbà ara ọjà nínú wúlò fún òun náà, torí òun ni yóò fi hàn ẹni tó ta ọjà fún un. Àwọn kan lè sọ pé kíkí kò sí nínú lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́. Nílé ìwé, bóyá. Lójú ọlọ́jà Yorùbá, lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ láì kíni ti dà bí ìwé ìpè sí kóòtù.

Bí ọlọ́jà bá nawọ́ sí àkọlé ara ògiri pé ọjà tí wọ́n bá ti tà kò ní àdápadà, àkọlé yẹn kò borí òfin. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2018, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dára, tí kò léwu, tó sì ṣeé lò fún ohun tí wọ́n rà á fún. Òfin yìí kan náà ló ní kí ọlọ́jà fún oníbàárà ní ìwé tó fi títa náà hàn. Bí kò bá fún un, ìwé báńkì tó fi owó tó san hàn lè dúró fún rìsíìtì. Kò pọn dandan kí a dárúkọ òfin nínú lẹ́tà àkọ́kọ́. Bí ọjọ́ méje bá kọjá láì sí èsì ni lẹ́tà kejì yóò sọ pé ẹ̀dà rẹ̀ ń lọ sí ọ́fíìsì FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gba ẹjọ́ oníbàárà.

Lẹ́tà yìí kò lè gba ẹni tó ti ta omi sí ṣájà, ẹni tó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí nígbà tó ń ṣiṣẹ́, tàbí ẹni tó fi í sára jẹnẹrétọ̀ tí iná rẹ̀ ń lọ sókè-sódò. Ẹni tó bá sì ti lò ó fún oṣù mélòó kan kó tó sọ̀rọ̀ ti sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ di ẹlẹ́gẹ́.

Ẹ̀dà méjì ni kí a tẹ̀ tàbí kọ. Ọ̀kan yóò wà lọ́wọ́ ọlọ́jà, yóò sì fọwọ́ sí èkejì, pẹ̀lú déètì, pé òun gba lẹ́tà àti ṣájà náà. Fífi ṣájà sílẹ̀ láì gba ìbuwọ́lùwé yìí léwu, nítorí ẹ̀rí tó tóbi jù ni ó ń fi sílẹ̀ lọ. Bí ó bá pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n ki tuntun bọ iná níwájú ara wọn fún ogún ìṣẹ́jú, iye àkókò tí ti àkọ́kọ́ fi gbóná. Kí oníbàárà má sì kúrò níbẹ̀ láì gba rìsíìtì tuntun tó ní déètì ọjọ́ náà.