Ẹ̀dínwó Kékeré fún Oníbàárà Tó Bá Tètè Sanwó

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ní Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́ ló ń ta ọjà àwìn fún àwọn oníbàárà tí wọ́n ti mọ̀ tipẹ́. Wọ́n á kó ọjà fún ẹni náà lónìí, wọ́n á sì fún un ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti sanwó. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí ọlọ́jà nílò owó rẹ̀ kí ọgbọ̀n ọjọ́ ó tó pé. Nígbà náà, ó lè fi ímeèlì ránṣẹ́ sí oníbàárà pé bí ó bá sanwó kí ọjọ́ kan tó kọjá, òun yóò dín díẹ̀ kù fún un. Àwọn akọ̀wé owó ń pe èyí ní ẹsikọ́ńtì. Ó yàtọ̀ sí ẹ̀dínwó tí a ń fún ẹni tó ra ọjà púpọ̀, nítorí pé ọjọ́ ni ọlọ́jà ń fi èyí rà.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. Oníṣòwò kan ní Àjàṣẹ́ ń ta kàyé àti bíìkì ní páálí páálí. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 2026, ó kó ọjà 800.000 fàráǹkì fún ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ìwé ní Kétu. Ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ni ìyá náà ní láti sanwó. Àmọ́ ìwọlé àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń sún mọ́lé, oníṣòwò sì fẹ́ kó ọjà mìíràn kí oṣù kẹjọ tó parí. Ó ń rò ó láti gba owó rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ, ìyẹn ogún ọjọ́ ṣáájú àkókò.

Èló ni kí ó dín? Bí kò bá rí owó yìí gbà, tí ó sì lọ yá a lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ayánilówó kan tó ń gba èlé ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, èlé ogún ọjọ́ yóò tó nǹkan bí 10.400 fàráǹkì. Bí ó bá dín ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, 8.000 fàráǹkì ni yóò pàdánù, èrè sì ni. Bí ó bá dín ìdá méjì, 16.000 ni, ó sàn kí ó lọ yáwó. Bí báńkì bá sì lè yá a ní ìdá 15 péré lọ́dún, èlé ogún ọjọ́ kò ní ju nǹkan bí 6.500 lọ, ìdá kan pàápàá á ti pọ̀ jù. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ ka ọjọ́ kí a tó ka owó: ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n fún ogún ọjọ́ péré, ó wọ́n ju èlé lọ.

Ohun kan tún wà tí ọlọ́jà gbọ́dọ̀ wò nínú ìwé rẹ̀ kí ó tó kọ ohunkóhun: ọjọ́ wo gan-an ni oníbàárà yìí máa ń sanwó? Bí ìyá oníwèé bá máa ń san tirẹ̀ ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n tàbí ọgbọ̀n, ẹ̀dínwó náà ra ogún ọjọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹni tó máa ń san án ní ọjọ́ kejìlá láìsí pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́, ọjọ́ méjì péré ni ọlọ́jà fi 8.000 fàráǹkì rà.

Nígbà tí ìṣirò bá ti yanjú, ó ku ìwé. Ohun tí oníṣòwò náà lè kọ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ nìyí:

*Kókó: Ẹ̀dínwó 8.000 fàráǹkì lórí fàkítíù 147, títí di Ọjọ́bọ̀ 13 oṣù kẹjọ*

*Màmá wa àtàtà,*

*Ẹ kú ọjà, ẹ sì kú àjọṣe. Ọ̀rọ̀ fàkítíù 147 ti ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ, 800.000 fàráǹkì, la ní láti bá yín sọ. Ọjọ́ tí a jọ fi sí i kò yí padà: ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ni.*

*Bí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn láti san án ṣáájú, 792.000 fàráǹkì ni kí ẹ san dípò 800.000. Kí gbogbo owó náà ti dé ọwọ́ wa kí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ ọdún 2026, tó lù. Ẹ san án lẹ́ẹ̀kan náà, sí nọ́ńbà fóònù tàbí àsùnwọ̀n báńkì tí ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀. Kò sí èyí tó yí padà nínú wọn. Ẹ̀yin ni ẹ ó san owó ìfiránṣẹ́.*

*Fàkítíù yìí nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, 800.000 ni ẹ ó san ní àsìkò rẹ̀ bí a ti ń ṣe, kò sì sí ìbínú níbẹ̀.*

*Ẹ ṣeun, Màmá.*

Ìwé yìí kò gùn, ṣùgbọ́n ó dí ibi tí ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí a bá kọ “ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún” nìkan, ẹnì kan lè yọ ọ́ láti inú owó ọjà, kí ẹnì kejì yọ ọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti fi owó orí kún un. Iye tí a kọ ní kíkún kò fàyè gba ìyẹn. Bí a bá kọ “láàrin ọjọ́ mẹ́wàá”, a ó máa bèèrè bóyá láti ọjọ́ fàkítíù ni, tàbí láti ọjọ́ tí ọjà dé Kétu, tàbí láti ọjọ́ tí ìyá náà ka ímeèlì. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí a dárúkọ kò ní ìtumọ̀ méjì.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ “kí owó ti dé”. Owó tí a fi ránṣẹ́ láti báńkì kan sí òmíràn lè lo ọjọ́ mélòó kan lọ́nà. Ẹni tó bá rán an ní Ọjọ́bọ̀ yóò gbà pé òun ti san án, nígbà tí ọlọ́jà kò tíì rí nǹkan kan. Ó yẹ kí ọlọ́jà yan ọjọ́ tí báńkì ń ṣiṣẹ́: ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ jẹ́ ọjọ́ ìsinmi ọdún Màríà ní Bẹ̀nẹ̀, kò yẹ kí a fi í ṣe òpin.

Ọ̀rọ̀ àsùnwọ̀n tí kò yí padà wà fún ààbò. Àwọn oníjìbìtì mọ̀ pé ẹ̀dínwó àti ìkánjú máa ń jẹ́ kí ènìyàn sanwó láìwo ẹ̀yìn. Bí oníbàárà bá rí irú ímeèlì yìí pẹ̀lú nọ́ńbà tuntun, kí ó pe ọlọ́jà lórí nọ́ńbà àtijọ́ kí ó tó san kọ́bọ̀ kan.

Ní ti ìyá oníwèé, ìṣirò tirẹ̀ kò le. Bí owó bá wà nílẹ̀ tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ṣáájú ìwọlé, 8.000 fàráǹkì jẹ́ èrè. Bí ó bá jẹ́ pé yóò yá a ní èlé ìdá 24, kí ó fi ẹ̀dínwó náà sílẹ̀, kí ó sì san 800.000 ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án pẹ̀lú ọkàn balẹ̀.

Bí 792.000 bá wá dé ní ọjọ́ 17, kí ọlọ́jà má ṣe dákẹ́. Bí ó bá gbà á láìsọ̀rọ̀, ọjọ́ òpin tó bá tún dá lọ́jọ́ mìíràn kò ní ní agbára mọ́. Kí ó kọ̀wé pẹ̀lẹ́ pé owó dé, ó kù 8.000 tí a óò san ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án. Bí owó bá sì dé lákòókò, kí ó fún un ní rìsíìtì tó sọ pé fàkítíù 147 ti parí pátápátá. Nínú ìwé ìṣirò OHADA, 8.000 náà yóò wọ ojú ìlà 673 lọ́dọ̀ ọlọ́jà, yóò sì wọ 773 lọ́dọ̀ oníbàárà. Báyìí, ẹnikẹ́ni kò ní ṣí ìwé ní òpin ọdún kí ó bá a níbẹ̀ bí gbèsè.