Ìgúnlẹ̀ Tó Ń Tọ́ka sí Iṣẹ́ Tó Kàn: Àpẹẹrẹ láti inú Ẹ̀ka-èdè Ìkálẹ̀

Ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ lórí ẹ̀ka-èdè Yorùbá ló ń fi ìgúnlẹ̀ tún ohun tí òǹkàwé ṣẹ̀ṣẹ̀ kà sọ, tí yóò sì rọ àwọn onímọ̀ pé kí wọ́n túbọ̀ ṣe ìwádìí. Kò sí ẹni tó lè ti orí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí kò sọ ìbéèrè tó kù, kò sì sọ ohun tí a ó kà sí ìdáhùn.

Arọ́pò-orúkọ Ìkálẹ̀ lè jẹ́ àpẹẹrẹ. Nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé tí Abíọ́dún Adétugbọ́ ṣe ní Yunifásítì Kòlọ́ḿbíà ní ọdún 1967, ó pín ẹ̀ka-èdè Yorùbá sí ìsọ̀rí. Ìsọ̀rí gúúsù ìlà-oòrùn ni Ìkálẹ̀ wà. Nínú ìsọ̀rí yìí, ‘àn án wá’ lè túmọ̀ sí ‘ẹ wá’, ó sì lè túmọ̀ sí ‘wọ́n wá’. Àlàyé kan ni pé lílo ‘ẹ’ fún ọ̀wọ̀ ni kò jẹ́ kí ẹnì kejì àti ẹnì kẹta ọ̀pọ̀ dàpọ̀ níbòmíràn.

Ká gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ kan gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní Òde-Ayé, tí ó sì rí i pé àwọn méjèèjì ṣì dàpọ̀ lẹ́nu wọn. Kí ó tó kọ ìgúnlẹ̀, ó yẹ kí ó wo ohun tí àkójọ rẹ̀ kò kàn: kò gbọ́ ohùn ọ̀dọ́ kankan. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tó kàn ti yẹ kí ó jáde. Ó lè kọ ọ́ báyìí:

“Ohun tí a rí kan àwọn àgbà nìkan. Kí ẹni tó bá tẹ̀ lé wa gba ìtàkùrọ̀sọ àwọn ọ̀dọ́ Òde-Ayé pẹ̀lú àgbà sílẹ̀, kí ó sì wò ó bóyá àwọn tó ń lo ‘ẹ’ fún àgbà nìkan ló ń ya ẹnì kejì sọ́tọ̀ kúrò lára ẹnì kẹta. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àlàyé ọ̀wọ̀ rí ẹ̀rí. Bí àwọn tí kì í lo ‘ẹ’ bá ń yà wọ́n, àlàyé náà kò tó.”

Ìgúnlẹ̀ yìí ní láti sọ ààlà rẹ̀ pẹ̀lú. Ilé-ìwé lè kọ́ ọ̀dọ́ ní ‘ẹ’ àti ‘wọ́n’ pọ̀ láti inú Yorùbá àjùmọ̀lò. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ ‘wọ́n’ gan-an ni ọ̀dọ́ náà lò, ó lè jẹ́ àyálò, kò sì tó láti gbe àlàyé ọ̀wọ̀ lẹ́sẹ̀.

Kí a tó fi àpilẹ̀kọ ránṣẹ́, kí a fún akẹgbẹ́ kan ní ìgúnlẹ̀ nìkan kà. Bí kò bá lè sọ ẹni tí yóò lọ bá àti ohun tí yóò tẹ́tí sí, ìgúnlẹ̀ náà kò tíì parí.