Òǹtẹ̀ tó ti ṣá lára àpòòwé kan ní Iléṣà

Ọ̀kan nínú yín tó ń gbé ní Òṣogbo ló mú àpòòwé kan wá bá mi lóṣù tó kọjá. Inú àpótí ìyá ìyá rẹ̀ ní Iléṣà ló ti rí i. Lẹ́tà inú rẹ̀ kò ní déètì. “Òní ọjọ́ Ìsinmi” nìkan ni bàbá àgbà tó kọ ọ́ fi sókè rẹ̀. Ìdálẹ̀ ló ti ń ṣòwò nígbà náà. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí i pé ìyàwó rẹ̀ bí obìnrin, òun náà sì kọ orúkọ tó fún ọmọ ránṣẹ́ sílé. Ọmọ ọ̀hún ni ìyá akẹ́kọ̀ọ́ mi yìí. 1951 ló wà nínú ìwé ìbúra ọjọ́ orí rẹ̀, àmọ́ àwọn kan nínú ẹbí ń jiyàn pé ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n ti yọ sítáǹbù kúrò. Ọmọdé kan ló máa kó o lọ, gbogbo wa la ṣe é láyé ìgbà yẹn. Sítáǹbù máa ń wà ní igun òkè lápá ọ̀tún, òǹtẹ̀ a sì gba orí rẹ̀ kọjá sára àpòòwé. Ìdajì òsì òǹtẹ̀ ló kù fún wa, èyí tó kù ti bá sítáǹbù lọ. Bẹ́ẹ̀, irú òǹtẹ̀ roboto yìí, orúkọ ìlú ló máa ń wà lókè, orúkọ ilẹ̀ nísàlẹ̀, ọjọ́, oṣù àti ọdún láàrin. Ọ̀tún ni ọdún wà. Ó ti lọ nìyẹn.

Mo pa iná yàrá, mo wá tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rá orí ìwé náà. Irin ni wọ́n fi ń tẹ òǹtẹ̀; bí íǹkì bá tiẹ̀ ṣá, ibi tí irin ti tẹ ìwé wọlé ṣì lè ní òjìji díẹ̀. Ẹ má fi omi kàn án o, ẹ má sì fi bírò tọ ojú ìlà rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ máa kọ ohun tí ẹ bá rí sórí fọ́tò.

Lókè, K àti U hàn, pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan lára M. Láàrin, 21 JA. Nísàlẹ̀, G nìkan. “Bàbá, Gánà nìyẹn,” ọmọ náà wí. Mo ní kó fara balẹ̀. Ẹ fi òǹtẹ̀ ṣe ojú aago. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ máa ń pín dọ́gba sí òsì àti ọ̀tún nọ́ńbà mẹ́fà. GHANA jẹ́ lẹ́tà márùn-ún, G rẹ̀ kò ní jìnnà sí méje. GOLD COAST gba àyè mẹ́wàá bí a bá ka àlàfo àárín mọ́ ọn, nítorí náà G rẹ̀ á gòkè lọ sí ẹ̀bá mẹ́jọ. Mẹ́jọ ni tiwa wà. Kùmásì ni, òǹtẹ̀ ayé Gold Coast.

Ilẹ̀ náà di Gánà ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta 1957. Àmọ́ irin òǹtẹ̀ kì í kú lọ́jọ́ tí ìlú bá yí orúkọ padà. Posí ọ́fíìsì lè máa lo ti àtijọ́ títí tuntun yóò fi dé. Nítorí náà orúkọ nìkan kò tó láti fi búra.

Mo yí àpòòwé sẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti sábà ń tẹ òǹtẹ̀ ìlú tí lẹ́tà gúnlẹ̀ sí. ILESHA ló wà níbẹ̀ (SH yẹn ṣì máa ń ta mí lójú), lẹ́yìn náà 26 JA 5, àti igi kan tó dúró ṣánṣán. Ṣé 1 ni àbí 7? Ó jọ pé mo rí ìlà kan lórí igi náà, ṣùgbọ́n ojú àgbà a máa rí ohun tó bá wù ú. Mo wá ẹlẹ́rìí mìíràn: kàlẹ́ńdà.

Ní 1951, ọjọ́ 21 oṣù Kìíní bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ tí posí ọ́fíìsì kì í sábà ṣiṣẹ́. Ní 1957, ọjọ́ Ajé ni. Bàbá kọ lẹ́tà lọ́jọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 20, ó mú un lọ sí posí ní ọjọ́ kejì, ó sì wọ Iléṣà ní Sátidé, ọjọ́ 26. Ó bára mu. Akọ̀wé posí lè gbàgbé láti pààrọ̀ déètì lóòótọ́. Bó bá jẹ́ òǹtẹ̀ kan ṣoṣo la ní, n kò ní lè sọ̀rọ̀ báyìí. Àmọ́ ti Kùmásì àti ti Iléṣà jẹ́rìí síra wọn, ọjọ́ márùn-ún péré ló wà láàrin wọn.

Iṣẹ́ ìjọba ni ìyá náà ṣe. Ó fẹ̀yìn tì ní 2011 nítorí pé ìwé ní ó ti pé ọgọ́ta ọdún. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni lóòótọ́. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún un lórí fóònù, ó dákẹ́, ó ní kí n tún ọdún náà pè. Lẹ́yìn náà ló ní kí n ya fọ́tò ẹ̀yìn àpòòwé náà kó tóbi dáadáa, kí òun fi han ẹ̀gbọ́n òun tó ti ń sọ láti kékeré pé ọdún méjì péré ló fi ju òun lọ.