Oṣù Kan, Ìlà Kan: Bí Oníṣẹ́ Fídíò Ṣe Lè Kó Iye Yutúùbù Sínú Ṣíìtì

Ẹni tó bá ní ìkànnì lórí Yutúùbù mọ ojú ewé tí wọ́n ti ń wo bí fídíò ṣe ń rìn sí. Bó bá ti ṣí YouTube Studio, tó tẹ `Analytics`, iye ìgbà tí àwọn èèyàn wo fídíò wà níbẹ̀, wákàtí tí wọ́n fi wò ó náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 28 tó kọjá ni ojú ewé yẹn sábà máa ń gbé síta, ọjọ́ 28 ọ̀hún sì ń sún síwájú lójoojúmọ́. Ohun tó hàn lónìí yóò ti yàtọ̀ tó bá di ọ̀la. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá oṣù Kẹwàá sàn ju oṣù Kẹsàn-án lọ ní láti kó iye náà jáde, kó sì tò ó síbi tí kò ti ní máa sún mọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ìkànnì kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní obìnrin kan wà n'Ìbàdàn tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní oúnjẹ sísè, tí fídíò mẹ́ta sì wà lórí ìkànnì rẹ̀: ẹ̀fọ́ rírò, mọ́ínmọ́ín àti ìrẹsì ọ̀fadà. Àwa la fúnra wa yan iye tí a máa lò fún un, kí ìṣirò rẹ̀ lè rọrùn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí yóò gbà ṣe é kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ní igba fídíò.

Orí kọ̀ǹpútà ló ti máa ṣe é, kì í ṣe orí fóònù. Nínú `Analytics`, yóò tẹ `Advanced mode`. Ibi tí wọ́n kọ déètì sí lápá ọ̀tún lókè ni yóò ti yan oṣù Kẹsàn-án gan-an, láti ọjọ́ kìíní títí dé ọgbọ̀n ọjọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò yan `Content`, kí fídíò kọ̀ọ̀kan lè ní ìlà tirẹ̀, kó wá mú ohun mẹ́rin péré tó fẹ́ máa tẹ̀ lé: `Views`, `Watch time (hours)`, `Impressions` àti `Impressions click-through rate (%)`. Ohun mẹ́rin náà ni kó máa mú lóṣooṣù, kó sì máa tò wọ́n bákan náà, nítorí bí òpó kan bá ṣí nípò, gbogbo fọ́múlà ló máa ṣìnà. Ọfà kékeré tó dojú kọ ilẹ̀ wà lókè lọ́wọ́ ọ̀tún. Bó bá tẹ̀ ẹ́, ohun méjì ni yóò rí: `Google Sheets` àti `Comma-separated values (.csv)`.

Èyí àkọ́kọ́ ló dára jù fún ẹni tó ń fi èdè Yorùbá kọ àkọlé fídíò rẹ̀. Bó bá mú ìkejì, fáìlì tí wọ́n dì pọ̀ ni yóò gbà, mẹ́ta ni yóò sì bá nínú rẹ̀: `Table data.csv`, `Chart data.csv` àti `Totals.csv`. Èyí àkọ́kọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wúlò fún iṣẹ́ yìí. Bó bá wá kàn fi Excel ṣí i báyẹn, ó lè bá àmì ọ̀rọ̀ tó ti dàrú pátápátá, kí `ẹ` di `áº¹`, kí `ṣ` di `á¹£`. Fáìlì náà kò bàjẹ́. Excel ló ṣì í kà. Kó pa á dé, kó lọ sí `Data`, kó tẹ `From Text/CSV`, kó sì yan `65001: Unicode (UTF-8)` níbi tí wọ́n kọ `File Origin` sí. Gbogbo àmì orí àti àmì abẹ́ yóò padà sípò.

Bó bá ti ṣí i, ìlà tó tẹ̀ lé orúkọ àwọn òpó kì í ṣe ti fídíò kankan. `Total` ni wọ́n kọ síbẹ̀, àròpọ̀ gbogbo ìkànnì ló sì wà nínú rẹ̀. Níbí gan-an ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ti máa ń wáyé. Ní oṣù Kẹsàn-án tí a fi ṣe àpẹẹrẹ yìí, wọ́n wo ẹ̀fọ́ rírò ní ìgbà 2,600, wọ́n wo mọ́ínmọ́ín ní ìgbà 700, wọ́n sì wo ọ̀fadà ní ìgbà 1,200. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4,500. Ẹni tó bá da ìlà `Total` pọ̀ mọ́ tàwọn fídíò, tó wá ṣírò gbogbo òpó náà, 9,000 ni yóò rí, inú rẹ̀ yóò sì dùn lásán. Kó gé ìlà náà kúrò láàárín àwọn fídíò, ṣùgbọ́n kó má sọ ọ́ nù. Kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ewé mìíràn tí yóò máa fi yẹ ìṣirò rẹ̀ wò.

Nínú ṣíìtì tuntun kan, yóò ṣe ojú ewé méjì. Yóò pe ọ̀kan ní `Data`, yóò pe ìkejì ní `Patako`. Orí `Data` ni yóò máa lẹ àwọn ìlà fídíò mọ́. Kó tó lẹ̀ wọ́n, yóò fi òpó kan síwájú, yóò sì kọ ọjọ́ kìíní oṣù náà, `2025-09-01`, sí iwájú fídíò kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí oṣù Kẹwàá bá parí, abẹ́ ti oṣù Kẹsàn-án ni yóò lẹ tuntun mọ́. Kò gbọ́dọ̀ pa ti àtijọ́ rẹ́, kò sì ní ṣí ojú ewé tuntun fún oṣù tuntun. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ya ojú ewé sọ́tọ̀ fún oṣù kọ̀ọ̀kan, tó bá sì fi máa di ìparí ọdún, wọ́n á ní ojú ewé méjìlá tí kò sí fọ́múlà kékeré kan tó lè kà wọ́n pọ̀.

Lórí `Patako`, oṣù kan, ìlà kan. Òpó `A` ni oṣù wà, a ó kọ ọ́ bí a ṣe kọ ọ́ sórí `Data` gẹ́lẹ́. Bó bá jẹ́ pé òpó `F` ni `Views` bọ́ sí lórí `Data`, ohun tí yóò kọ sínú `B2` nìyí:

```
=SUMIFS(Data!F:F, Data!A:A, A2)
```

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: ro gbogbo `Views` tó wà ní ìlà tí oṣù rẹ̀ bá èyí tó wà ní `A2` mu. Bó bá fi `G` rọ́pò `F`, wákàtí wíwò ni yóò wọ inú `C2`. Wákàtí 280 ni ti oṣù Kẹsàn-án, nítorí pé ẹ̀fọ́ gba 130, mọ́ínmọ́ín gba 70, ọ̀fadà gba 80. Bó bá wá kọ `=C2*60/B2` sínú `D2`, yóò rí i pé ẹnì kan ń lo nǹkan bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìṣẹ́jú-àáyá 44 nídìí fídíò kan.

Ìdá àwọn tó rí àwòrán iwájú fídíò tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ló gba sùúrù. Wọ́n fi àwòrán ẹ̀fọ́ han àwọn èèyàn ní ìgbà 40,000, mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ló tẹ̀ ẹ́. Ti mọ́ínmọ́ín hàn ní ìgbà 2,000, méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún ló tẹ̀ ẹ́. Ti ọ̀fadà hàn ní ìgbà 8,000, mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ló tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ro mẹ́ta, méjìlá àti mẹ́fà pọ̀, tó pín in sí mẹ́ta, méje ni yóò rí. Irọ́ ni méje yẹn. Ó gbé mọ́ínmọ́ín tó hàn sí ìwọ̀nba èèyàn sí ipò kan náà pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tó hàn sí wọn ní ìlọ́po ogún. Títẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni 1,200, 240 àti 480, tó jẹ́ 1,920 nínú ìgbà 50,000. Ìyẹn jẹ́ 3.84 nínú ọgọ́rùn-ún, díẹ̀ ló fi ju ìdajì méje lọ. Fọ́múlà tó ń ṣe é bó ṣe yẹ nìyí, bí `Impressions` bá wà ní `H`, tí ìdá títẹ̀ sì wà ní `I`:

```
=SUMPRODUCT((Data!A$2:A$5000=A2)
 *Data!H$2:H$5000*Data!I$2:I$5000)
 /SUMIFS(Data!H:H, Data!A:A, A2)
```

Ó ku gígùn oṣù. Ká ní `Views` oṣù Kẹwàá jẹ́ 4,600. Lójú, ó ti fi ọgọ́rùn-ún ju ti oṣù Kẹsàn-án lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 31 ló wà nínú oṣù Kẹwàá. Kó kọ `=B2/DAY(EOMONTH(A2,0))` sínú òpó kan, kó sì fà á wálẹ̀: 150 lójúmọ́ ni yóò rí fún oṣù Kẹsàn-án, nǹkan bíi 148 fún oṣù Kẹwàá. Ìkànnì náà kò tíì gbòòrò. Oṣù Kejì, tó sábà máa ń ní ọjọ́ 28, ni àìka ọjọ́ yìí máa ń dẹ́rù ba èèyàn jù.

Kó má sáré kó iye náà jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù tuntun. Iye Yutúùbù máa ń pẹ́ ní bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó tó pé. Bó bá dúró di ọjọ́ karùn-ún, ó dára. Aago etíkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ni wọ́n sì fi ń ka ọjọ́. Ẹni tó wo fídíò n'Ìbàdàn láago mẹ́fà òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹni tó bá ń ṣe fídíò kúkúrú tí wọ́n ń pè ní `Shorts` náà gbọ́dọ̀ ya ìyẹn sọ́tọ̀. Láti 31 oṣù Kẹta ọdún 2025 ni Yutúùbù ti ń ka gbogbo ìgbà tí `Shorts` bá bẹ̀rẹ̀ tàbí tó bá tún bẹ̀rẹ̀, láìbèèrè bí ẹni náà ṣe pẹ́ nídìí rẹ̀ tó. Iye tó fò sókè láti ìgbà náà lè má jẹ́ ti òǹwòran tuntun rárá. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kà á tẹ́lẹ̀ ṣì wà lábẹ́ `Engaged views`.

Kó tó gba pátákó rẹ̀ gbọ́, yóò fi `B2` wé ìlà `Total` tó gé sọ́tọ̀. Bó bá jẹ́ ìlọ́po méjì, ó gbàgbé láti yọ `Total` kúrò. Bó bá kéré, ó lè jẹ́ pé fídíò kan wà tó ti pa rẹ́, nítorí iye rẹ̀ ṣì máa ń wà nínú àròpọ̀. Tàbí kí fídíò rẹ̀ ju 500 lọ, nítorí ìlà 500 ni Yutúùbù ń jẹ́ kéèyàn kó jáde lẹ́ẹ̀kan.

Kí wá ni pátákó náà ń sọ fún ìyá olóúnjẹ yìí? Ẹni tó bá yára á ní mọ́ínmọ́ín ló yege, ẹ̀fọ́ ló kùnà. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Títẹ̀ 240 ló ti ara àwòrán mọ́ínmọ́ín wá, bẹ́ẹ̀ ìgbà 700 ni wọ́n wò ó. Àwọn 460 yòókù gba ibòmíràn wọlé, bóyá nípa líǹkì tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ lórí Wátsáàpù, èyí tí kì í wọ inú `Impressions`. Àwọn tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ló ń wo mọ́ínmọ́ín. Ẹ̀fọ́ ni Yutúùbù ń gbé fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí, ìdá títẹ̀ sì máa ń já wálẹ̀ bí àwòrán bá ti ń dé ọ̀dọ̀ àjèjì. Síbẹ̀, nínú 40,000, bó bá fi ìdá kan péré kún mẹ́ta, títẹ̀ 400 ló jèrè, ìyẹn ju gbogbo ohun tí àwòrán mọ́ínmọ́ín mú wá. Àwòrán iwájú ẹ̀fọ́ ló yẹ kó pààrọ̀.

Bó bá pààrọ̀ rẹ̀, kó kọ ọjọ́ náà sí òpó `Akiyesi` tó máa fi kún ìparí ìlà oṣù yẹn. Nígbà tí oṣù tuntun bá wọ inú `Data`, kò ní fi àkọlé wá ẹ̀fọ́, nítorí àkọlé lè yí padà. Àmì mọ́kànlá tó wà lábẹ́ `Content` kì í yí padà. Yóò kọ àmì ẹ̀fọ́ sínú `H1` lórí `Patako`, fọ́múlà yìí yóò sì máa fún un ní ìdá títẹ̀ ẹ̀fọ́ nìkan, lóṣooṣù:

```
=SUMIFS(Data!I:I, Data!A:A, A2, Data!B:B, $H$1)
```